Ìbéèrè Tí Kì Í Pa Ọmọ: Bí A Ṣe Ń Wádìí Èrò Ìpara-ẹni Lẹ́nu Ọ̀dọ́langba, àti Ìwé Ààbò Tí A Ń Bá Ẹbí Rẹ̀ Kọ

 

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó ṣètò àjọ̀dún yìí kọ̀wé sí mi, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́. Mo fèsì pé ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ ju ohun tí a lè sọ tán ní wákàtí kan lọ, kí wọ́n jẹ́ kí n mú igun kan. Igun tí mo mú ni wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí ọmọ tó ń ronú láti pa ara rẹ̀ bá wọ yàrá mi pẹ̀lú ẹbí rẹ̀: ohun tí mo ń bi í, bí mo ṣe ń gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, àti ìwé tí a jọ ń kọ kí wọ́n tó padà sílé. Wọ́n gbà. Mo dúpẹ́ pé wọ́n gbà, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń fẹ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ́jọ́ àjọ̀dún.

Ìbẹ̀rù tó ń di wa lẹ́nu

Ohun àkọ́kọ́ tí òbí máa ń sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í ní ìbéèrè yẹn, kí ẹ má lọ fi sí i lọ́kàn." Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yẹn ti wá. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ lágbára. A kì í pe ohun búburú lórúkọ láì fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" sí i. Ṣùgbọ́n èrò ikú tó wà lọ́kàn ọmọ kò dúró de ẹnikẹ́ni kó pè é kó tó dé. Ó ti wà níbẹ̀. Ohun tí ìbéèrè ń ṣe ni pé ó ń sọ fún ọmọ náà pé àgbàlagbà kan wà tí kò ní wárìrì bí òun bá sọ ọ́.

Wọ́n ti dán èyí wò. Ní 2005, àwọn oníwàdìí kan tẹ ìwádìí wọn jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 ní ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́fà ní Níú Yọ́ọ̀kì. Wọ́n bi apá kan nínú àwọn ọmọ náà léèrè nípa ìpara-ẹni, wọn kò bi apá kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n padà wá bi gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n bi kò ní ìrònú ikú ju àwọn tí wọn kò bi lọ. Kódà, ara àwọn ọmọ tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára tẹ́lẹ̀, àti àwọn tó ti gbìyànjú rí, dà bí ẹni pé ó fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bi wọ́n.

Ìbẹ̀rù kejì ni ti òfin. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún kan wá. Ìpínlẹ̀ Èkó ti yí tirẹ̀ padà nínú òfin ìwà ọ̀daràn wọn ti 2011: ilé ìwòsàn ni adájọ́ yóò pàṣẹ kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin òbí: èrò kì í ṣe ìgbìyànjú. Kò sí òfin tó sọ ọmọ di ọ̀daràn nítorí pé ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún dókítà. Mo ti rí ẹbí tó fi ọmọ pamọ́ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ọlọ́pàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó yẹ ká ti fi tọ́jú rẹ̀.

Nínú yàrá

Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ìtàn ọmọ mẹ́ta ni mo pa pọ̀, mo sì ti yí ohun tó lè tú àṣírí wọn padà.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ ló rí ohun tó kọ sẹ́yìn ìwé: pé bí òun bá lọ, owó ilé ẹ̀kọ́ òun á tó fún àbúrò òun. Olùkọ́ náà kò pariwo, kò kà á sétí àwọn ọmọ yòókù, kò lé e lọ sílé. Ó jókòó tì í nínú ọ́fíìsì títí ìyá rẹ̀ fi dé, ó sì bá wọn wọ mọ́tò wá sọ́dọ̀ wa. Bí mo bá ní kí n yin ẹnì kan nínú gbogbo ìtàn yìí, olùkọ́ yẹn ni.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wọlé: ọmọ, ìyá, ẹ̀gbọ́n ìyá tó jẹ́ ọkùnrin, àti olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀ títí. Mo jẹ́ kó sọ díẹ̀, nítorí pé ìdílé ní olórí, bí ẹ kò bá sì bọlá fún olórí, ó lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó síta fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ á sọ òótọ́ lójú àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ wa kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí ìyá lè gbọ́ tí kò ní sunkún, ìyẹn nìkan ni yóò sì sọ.

Nígbà tó ku èmi àti òun, mo kọ́kọ́ sọ májẹ̀mú wa fún un. Mo ní: "Ohun tó o bá sọ fún mi, mi ò ní gbé e jáde. Àfi ohun kan ṣoṣo: bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí rẹ, mo máa sọ ọ́ fún Màmá. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ la jọ máa pinnu bí a ṣe máa sọ ọ́." Kò wò mí. Ó ń fi èékánná họ ẹsẹ̀ tábìlì. Mo bi í nípa oorun. Ó ní aago méjì òru lòun máa ń jí, òun kì í sì í lè sùn mọ́. Mo bi í nípa oúnjẹ, nípa ilé ẹ̀kọ́, nípa àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò ló jẹ́ kó gbé ojú sókè.

Bí àkàsọ̀ ni ìbéèrè náà ṣe ń lọ, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Kòlọ́ńbíà ní Amẹ́ríkà ló to irú àkàsọ̀ yìí, èmi sì ń fi Yorùbá ilé bi í. Mo ní: "Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi kó o sùn kó o má jí mọ́?" Ó mi orí. "Ṣé o ti ronú pé kó o pa ara rẹ?" Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò sọ pé "ṣé o ń ronú ohun burúkú", nítorí ọmọ lè dáhùn pé rárá, kó sì jẹ́ pé òótọ́ ló sọ, torí pé lójú tirẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Ìsinmi ló kà á sí. Ó dákẹ́ pẹ́. Mo dúró. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti ronú bí yóò ṣe ṣe é. Ó ní òun ti rò ó. Mo bi í bóyá ó ti ṣe ohunkóhun láti múra sílẹ̀. Ó ní òun ti mú nínú oògùn màmá àgbà pamọ́. Mo bi í ibi tó wà. Ó wo àpò ìwé rẹ̀ tó wà nílẹ̀ láàárín wa.

Mo bi í ìgbà wo. Ó ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà. Mo bi í bóyá ó ti gbìyànjú rí, ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó ń gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni tí kò sí níbẹ̀, ó ní rárá. Mo wá bi í ní èyí tí mi ò jẹ́ gbàgbé láé: "Kí ló ti dá ọ dúró títí di òní?" Ó ní òun ló ń wẹ̀ fún àbúrò òun láràárọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, pé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ̀ fún òun. Mo kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe sọ ọ́. Ohun tó ń fa ọmọ síkú ṣe pàtàkì láti mọ̀. Ohun tó ń fà á padà ṣe pàtàkì bákan náà, a ó sì lò ó láìpẹ́.

Ẹ lè máa retí kí n sọ fún yín pé mo ro máàkì rẹ̀ pọ̀, mo sì rí i pé ewu rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí. Kò sí máàkì tó lè sọ ẹni tí yóò kú àti ẹni tí kò ní kú. Ní 2022, àjọ tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má ṣe fi ìwé ìdíwọ̀n sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìpara-ẹni, kí wọ́n má sì tìtorí rẹ̀ pinnu ẹni tí wọ́n á tọ́jú. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìwé pè ní ẹni tí ewu rẹ̀ kéré ló ti pa ara wọn. Ìbéèrè wa kò wà fún wíwo ọjọ́ iwájú. Ó wà kí a lè mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí wo ni ó le jù fún un, àti ẹni tó lè dúró tì í ní wákàtí náà.

Ṣé kí a dá a dúró sí ilé ìwòsàn ni, àbí kó lọ sílé? Bí ó bá jẹ́ pé ó sọ pé alẹ́ òní ni, tàbí ohùn kan ń pàṣẹ fún un, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú, tàbí kò sí àgbàlagbà tó lè wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé, tàbí kò fẹ́ bá wa kọ ohunkóhun, ǹ bá dá a dúró. Ti Àbẹ̀kẹ́ wà ní ààlà. Ó ti múra, ó sì ti dá ọjọ́, ìyẹn wúwo. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ jáde, ó ní ìyá tó lè fi ọjà sílẹ̀, ó sì bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ máa sọ fún Màmá mi pé kó má sunkún?" Ọmọ tó ń ṣètò bí wọn yóò ṣe gbọ́ ọ, apá kan nínú rẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà àtiyè. Mo pinnu pé kó lọ sílé, bí a bá ti ṣe àwọn ohun kan kí wọ́n tó kúrò níwájú mi.

Èyí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni àpò ìwé. Mo pe ìyá wọlé. Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, èmi kàn bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà fún un ni. Ìyá kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ síwájú àpò, ó kó ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n lélẹ̀ bí ẹni to ẹrù ọjà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu. Ó dì í mú, kò lè tú u. Nọ́ọ̀sì ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ààbò

Ìwé tí a kọ lẹ́yìn náà kì í ṣe àrà tiwa. Barbara Stanley àti Gregory Brown ní Amẹ́ríkà ló ṣètò rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012. Ní 2018 wọ́n fi hàn pé láàárín àwọn ológun àtijọ́ tó wá sí yàrá pàjáwìrì pẹ̀lú èrò ikú, àwọn tó kọ ìwé yìí tí wọ́n sì ń pè lórí fóònù lẹ́yìn rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí àwọn yòókù nínú ìwà ìpara-ẹni láàárín oṣù mẹ́fà. Àgbàlagbà nìyẹn, kì í ṣe ọmọdé, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà gbé lé dúró fún ọmọ bó ṣe dúró fún àgbà: èrò ikú máa ń dé bí ìjì, ó máa ń le fún ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀, ó sì máa ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá la wákàtí náà já, ó ṣeé ṣe kó wà láàyè láti gba ìtọ́jú.

Ìlà mẹ́fà ni. Mo fún Àbẹ̀kẹ́ ní ìwé àti bírò. Ọwọ́ ọmọ ni kó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Ìwé tí dókítà bá kọ, inú dúrọ́ọ̀ ni yóò kú sí.

Ìlà kìíní ni àmì: báwo ni o ṣe máa mọ̀ pé ìjì ti ń bọ̀? Ó kọ́kọ́ kọ "tí inú mi bá bàjẹ́". Mo ní ìyẹn kò tó, nítorí inú gbogbo ènìyàn ń bàjẹ́. Kí lo máa ń ṣe? Kí lo máa ń sọ nínú ara rẹ? Ó ronú, ó wá kọ pé: "Tí mo bá jí ní aago méjì, tí mo wá ń ka owó tí wọ́n ti ná lé mi lórí." Ìyẹn ni àmì. Ìyá rẹ̀ kà á, ó ní òun kò mọ̀ pé ọmọ òun ń ka owó lóru.

Ìlà kejì ni ohun tó lè dá ṣe láti mú ọkàn kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá dá sí i pé kó kọ àdúrà. Mo bi ọmọ náà. Ó ní bí òun bá ń gbàdúrà ní wákàtí yẹn, ẹ̀bi ni òun máa ń jẹ́wọ́, ọkàn òun á sì tún wúwo sí i. A fi àdúrà sílẹ̀ fún ọ̀sán. Ohun tó kọ ni pé òun á tan tọ́ọ̀ṣì, òun á máa fi òwú di irun fún ọmọláńgidi àbúrò òun. Ó rí bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe ní aago méjì òru láìjẹ́ pé iná wà, láìjẹ́ pé dátà wà, ìwọ̀n tí mo fi ń wọn ìlà kejì nìyẹn.

Ìlà kẹta ni ibi àti ènìyàn tó lè mú ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ láìjẹ́ pé ó sọ ohun tó ń ṣe é: ó kọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó wà níwájú ilé wọn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìlà kẹrin ló sábà máa ń fa omi lójú òbí: ta ni o máa sọ fún? Gbogbo ojú ló wo ìyá. Àbẹ̀kẹ́ kọ orúkọ àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá. Ìyá bi í pé, "Èmi ńkọ́?" Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ ó pariwo." Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, mo bẹ̀ yín, bí ó bá kan yín, ẹ gbà á. Kì í ṣe pé ọmọ kò fẹ́ràn yín. Ó ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò ní wó lulẹ̀. A pe àǹtí náà lórí fóònù níbẹ̀, lójú gbogbo wa, a bi í bóyá a lè kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, bóyá yóò gbé fóònù lóru. Orúkọ tí a kọ láìbi ẹni tó ni ín, òfìfo ni. Nígbà tó yá, Àbẹ̀kẹ́ fi ìyá rẹ̀ sí ìkejì, ó sì kọ ọ́ pé òun kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun á kàn fọwọ́ kàn án léjìká, òun á ní "aago méjì". Ìyá gbọ́dọ̀ dìde jókòó tì í, kó má bi í ní ìbéèrè kankan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ní kí ìyá tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè mọ̀ pé ó ti yé e.

Ìlà karùn-ún ni àwọn elétò ìlera: nọ́ńbà ẹ̀ka wa, yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, àti 112. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí nítòsí wa, ẹ mọ̀ pé Àrò wà ní Abẹ́òkúta láti 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Yábàá wà ní Èkó, ẹ̀ka àwọn ọmọdé sì wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kò ya wèrè. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ, mo tún un sọ nítorí pé ó ṣì ń pa ọmọ wa.

Ìlà kẹfà, tí mo máa ń kọ́kọ́ rò tí mo sì ń kọ kẹ́yìn, ni kí ohun tó lè ṣe é ní ìpalára kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú èyí lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kú á wá ọ̀nà mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Siri Láńkà, láti 1995, ìjọba fòfin de àwọn oògùn oko tó burú jù lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Láàárín ogún ọdún, ìpara-ẹni ní orílẹ̀-èdè náà fi nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Wọn kò wo gbogbo ìbànújẹ́ ilẹ̀ náà sàn. Ohun tó wà nítòsí ni wọ́n gbé jìnnà, ìjì sì kọjá lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Nínú ilé Àbẹ̀kẹ́, a rìn yí ká pẹ̀lú ẹnu, yàrá kan sí èkejì. Oògùn màmá àgbà, oògùn ẹ̀fọn àti kòkòrò tí wọ́n tò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, oògùn koríko tí ẹ̀gbọ́n ìyá kó sí ẹ̀yìnkùlé láti oko. Ti oko padà sí oko lọ́jọ́ náà gan-an. Ti kòkòrò lọ sílé aládùúgbò. A kò lè da oògùn màmá àgbà nù, nítorí pé òun náà gbọ́dọ̀ máa lò ó, nítorí náà wọ́n ra àpótí onírin kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá ló ń fún màmá àgbà ní ìwọ̀n ojúmọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní etí ìró rẹ̀, kódà lóru. Kì í ṣe orí àga, kì í ṣe lẹ́yìn fèrèsé. Ọmọ mọ gbogbo ibi tí a ń fi nǹkan pamọ́ sí nínú ilé.

Lẹ́yìn tí wọ́n délé

Kí wọ́n tó lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá yọ Bíbélì jáde, ó ní kí ọmọ búra pé kò ní ṣe é mọ́. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìbúra kì í dá ìjì dúró, ìwé tí wọ́n ń mú kí aláìsàn fọwọ́ sí pé òun kò ní pa ara òun kò tíì fi hàn níbìkan pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ohun tí ìbúra máa ń ṣe ni pé nígbà tí èrò náà bá tún dé, ọmọ á ti ní ẹ̀ṣẹ̀ kejì tí yóò máa fi pamọ́. Ẹ̀yin ààfáà àti pásítọ̀, ẹ máa gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa, a nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ààwẹ̀ lé ọmọ tí kì í sùn tí kì í jẹun, ẹ má sì tì í mọ́lé fún ìtúsílẹ̀.

Bàbá wà ní ìrìn-àjò. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Kí ló ń jẹ ọ́ níyà?" Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù. A wà níbi tí a ti ń sọ fún ara wa pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo sì fẹ́ sọ ohun kan nípa òwe yìí níwájú Kábíyèsí. Àwọn àgbà tó pa á, àwọn ènìyàn tó di ipò mú, tí ìlú gbé orí lé, ni wọ́n ń bá wí. Wọn kò pa á fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gba máàkì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ìṣirò. Bí a bá ń sọ ọ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí èsì ìdánwò ń jáde, ọmọ tó ń gbọ́ láti yàrá kò mọ̀ pé òwe ni. Àṣẹ ló gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni èsì jáde. A ti bá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ pé kí olùkọ́ rẹ̀ fi í hàn án ní ìkọ̀kọ̀, níwájú ìyá rẹ̀. Èsì náà kò dára. Ìyá kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ ìyá nínú ọjà ni ọmọ náà jókòó. Nọ́ọ̀sì wa pè wọ́n lálẹ́, ìpè kejì láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n padà wá ní ọjọ́ keje.

Àbẹ̀kẹ́ mú ìwé rẹ̀ dání, ó ti ká a sí mẹ́rin. Aago méjì ti dé lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kan, irun ọmọláńgidi tó. Lẹ́ẹ̀kejì kò tó, ó sì fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ léjìká. Lẹ́ẹ̀kẹta ó pe àǹtí rẹ̀, fóònù kò wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. A kọ orúkọ kejì sí abẹ́ ti àǹtí níjọ́ náà. Bí a ṣe ń lo ìwé náà nìyẹn: a ó wò ó, a ó pa èyí tí kò ṣiṣẹ́ rẹ́, a ó kọ òmíràn. Mo tún sọ fún ìyá pé bí ó bá rí i tí ọmọ náà ṣàdédé fúyẹ́ lójijì lẹ́yìn ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀, tó ń pín aṣọ àti bàtà rẹ̀ fún ènìyàn, kó má yọ̀ tán, kó pè wá ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó lè jẹ́ pé ara ti ń yá. Ó tún lè jẹ́ pé ọkàn ti pinnu.

Ìwé ààbò kì í ṣe ìtọ́jú. Àìsùn rẹ̀, ìbànújẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó tó ń kà lóru, ìyẹn gba oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ sísọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àti ìpàdé mẹ́ta pẹ̀lú bàbá nígbà tó dé. Ní ìpàdé kejì ni bàbá bi ọmọ rẹ̀ pé èló ló máa ń kà. Ọmọ náà sọ iye rẹ̀, kò kù kọ́bọ̀. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Mi ò kà á rí."

 Àwọn ẹbí mẹ́ta tí ìtàn wọn wà nínú ti Àbẹ̀kẹ́ ló ní kí n sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn, èmi àti nọ́ọ̀sì méjì á wà nínú yàrá ìkàwé títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá kò ní láti sọ ìdí tó fi wá fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà.